Ọkàn ni kí n bá sọ̀rọ̀ ni, àbí làákàyè? Àlàyé fún ẹni tó ń ta sólà tàbí jẹnẹrétọ̀

Ọmọkùnrin kan tó ń ta sólà ní agbègbè Táńkẹ̀, ní Ìlọrin, ló gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun yan ọ̀kan nínú ìpolówó méjì tí òun fẹ́ gbé sórí Wásáàpù. Nínú èkíní, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì jókòó sábẹ́ fáànù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, a sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ kí ìdílé yín sùn dáadáa.” Nínú èkejì, kò sí ènìyàn kankan: pánẹ́ẹ̀lì, ínfátà, bátìrì, iye wáàtì, iye owó, ó parí. Ó ní, “Bọ̀dá, èwo ló máa tà nínú méjèèjì?” Mo bi í pé ta ló fẹ́ tà á fún. Ó ní gbogbo èèyàn. Mo ní kó fi gbogbo èèyàn sílẹ̀ ná, kó dárúkọ ẹnì kan tó ti béèrè ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rà á. Ó rántí ìyá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Ọ̀fà Gáréèjì. Ìyá yìí ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó gba iye owó, ó lọ, kò padà.

Ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé, nítorí ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lójú wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà rọ ènìyàn pé kó ra nǹkan. A lè sọ ohun tó máa kàn án lára: ariwo tí kò jẹ́ kó sùn, ojú tó ń tì í lọ́dọ̀ oníbàárà, ẹ̀rù tó ń bà á nítorí ọmọ, ayọ̀ pé iná tàn nílé òun. Èyí ni ọ̀rọ̀ ọkàn. A sì lè fi ẹ̀rí àti ìṣirò hàn án: eélòó lò ń ná lóṣù, eélòó ni wàá máa ná bí o bá ra eléyìí, kí ló lè gbé, kí ni kò lè gbé, ọdún mélòó ló máa lò. Èyí ni ọ̀rọ̀ làákàyè. Àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ ọkàn wà fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ làákàyè sì wà fún àwọn olùkọ́ Yunifásítì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba ń ṣírò owó lórí ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Olùkọ́ Yunifásítì náà sì lè ra jẹnẹrétọ̀ ńlá nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ra kékeré.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń pín wọn ni bí àṣìṣe ṣe máa dùn ẹni tó rà á tó. Bí bisikíìtì kò bá dùn, o jù ú nù, ó tán. Bí sólà tí o fi owó àjọ ọdún kan rà bá dákẹ́ lóṣù kẹta, o máa jẹ́jọ́ nílé. Lọ́dún 1980, Richard Vaughn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó Foote, Cone & Belding ní Amẹ́ríkà, ya àpótí mẹ́rin tí àwọn onípolówó ṣì ń lò títí dòní. Ó pín ọjà sí èyí tí a ń rò dáadáa ká tó rà á àti èyí tí a kì í rò púpọ̀. Ó tún pín wọn sí èyí tí a fi orí rà àti èyí tí a fi ọkàn rà. Mọ́tò àti ilé bọ́ sínú àpótí ìrònú jinlẹ̀ pẹ̀lú orí. Góòlù, aṣọ oge àti ohun ìṣaralóge bọ́ sínú ìrònú jinlẹ̀ pẹ̀lú ọkàn. Sólà ìyá aránṣọ wa bá mọ́tò àti ilé lọ, torí ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ ni.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ọjà kan náà lè yí àpótí padà bí ẹni tó ń rà á bá yàtọ̀. Bàbá tó ti Èkó fẹ̀yìn tì, tó kọ́lé sí Òmù-Àrán, tó fẹ́ kí iná máa tàn nínú ọgbà òun nígbà tí gbogbo ẹbí bá wálé lọ́dún, kò wá ṣírò epo. Iyì ló fẹ́ rà. Bí o bá kó ìwé ìṣirò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, o máa sú u. Fi àwòrán ilé tí o ti ṣe hàn án, bí wáyà ṣe fara pamọ́, bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe tò lórí òrùlé láìba ilé jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọjà nìkan ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ. Ohun tí oníbàárà fẹ́ fi ọjà náà ṣe ló ń sọ ọ́.

Ohun kejì ni bí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹni tó ń gbọ́ tó. Richard Petty, John Cacioppo àti Rachel Goldman ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ní kí yunifásítì fi ìdánwò ńlá kan kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa yege nínú rẹ̀ kó tó gboyè. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọdún tó ń bọ̀ ni ìdánwò náà máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé ó di ọdún mẹ́wàá sí i. Àwọn tí ìdánwò náà máa bá nílé ìwé yẹ àwíjàre wò fínnífínní: bí ó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbà, bí kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọn kò gbà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn ń wo ẹni tó sọ ọ́: bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀mọ̀wé ni, wọ́n gbà ju bí wọ́n ṣe máa gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀kọ́.

Ẹ gbé e wá sílé. Ẹni tó ń wo ìpolówó yín lórí fóònù láàárọ̀, tí Nẹ́pà sì mú iná wá, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn án. Kò ní ka wáàtì yín. Àwòrán, ohùn, ojú ẹni tó mọ̀, ìrántí ìyà kan ló lè dá a dúró. Ẹni tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù yín tó sì béèrè pé, “Ṣé ó lè gbé firisa?” ti kúrò níbẹ̀. Ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìdílé aláyọ̀ fún un, ó máa rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá aránṣọ gan-an nìyí, mo sì rò pé òun ló ń ṣẹlẹ̀ jù ní Ìlọrin. Ọmọkùnrin yẹn ti fi àwòrán pè é wọlé, ìyá náà wá pẹ̀lú ìbéèrè, ó sì dá a lóhùn pẹ̀lú àwòrán mìíràn: “Ìyá, ẹ máa gbádùn. Ó máa gbé ohun gbogbo.” Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ₦1,400,000. Láàárín ìgbádùn àti mílíọ̀nù kan ó lé, kò sí afárá kankan. Kí ni ìyá máa sọ fún bàbá nílé? Pé òun máa gbádùn?

Mo ní ká lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kò sọ̀rọ̀ sólà rárá. A bi í léèrè pé ìgbà wo ni jẹnẹrétọ̀ dá a lóró jù. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Aṣọ àwọn oníbàárà kún ilẹ̀, Iléyá ku ọjọ́ méjì, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ lóru, ìlà ilé epo sì gùn. Ó ní obìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà láago méje àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, aṣọ ọmọ rẹ̀ kò ní apá kan. Bí ó ti ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ yí padà.

Ọ̀rọ̀ ọkàn tó lágbára nìyẹn, kì í sì í ṣe àwa la hun ún. Èyí ni ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ìdílé tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fáànù lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà kì í ṣe ti ẹnì kankan. Apá aṣọ ọmọ tí kò parí láàárọ̀ Iléyá jẹ́ ti aránṣọ. Bí mo bá fẹ́ kọ ìpolówó sí àwọn aránṣọ Ìlọrin lónìí, gbólóhùn kan ni mo máa kọ: “Iléyá ku ọjọ́ méjì, epo tán.” Mi ò ní fi ìdílé kankan sí i.

Àmọ́ a kò dúró síbẹ̀. Ó ti gbà pé ìṣòro wà, ó ti pẹ́ tó ti gbà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí epo fò láti nǹkan tí kò tó ₦200 sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ pé epo wọ́n. Ẹ̀rí ló kù.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń lò. Fáànù kan, wáàtì 70, wákàtí mẹ́jọ. Gílóòbù mẹ́ta, wáàtì mẹ́wàá-mẹ́wàá, wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí mọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 100, tí wọ́n sì ń yí fún wákàtí mẹ́rin ní ti gidi, nítorí aránṣọ a máa gé, a máa wọ̀n, a máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí a bá ṣe wáàtì lọ́nà wákàtí, gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 1,500 lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 300, tí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, tí a sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, máa mú nǹkan bíi 2,000 wá. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀ fún alẹ́.

Ìgbà yẹn ni ìyá na ọwọ́ sí igun ṣọ́ọ̀bù pé, “Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?”

Ọmọkùnrin yẹn wò mí. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000, bí ó bá gbóná fún wákàtí kan láìdákẹ́, ti jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ṣọ́ọ̀bù náà ń lò lójúmọ́. Bí ẹ bá tan án nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì ń yí, tí fáànù sì wà lórí, ẹrù náà ti kọjá ohun tí ínfátà kékeré tó fẹ́ ta lè gbé, ó máa dá ara rẹ̀ pa ni. “Ó máa gbé ohun gbogbo” tó sọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ ti di irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo dá ìyá lóhùn pé, “Ìyá, kò lè gbé áyọ́ọ̀nù. Ẹ máa lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, tàbí kí ẹ lọ aṣọ nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná wá.” Mo rò pé a ti pàdánù rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ ibi tí ọjà rẹ̀ kùdíẹ̀ sí, ìṣirò rẹ̀ yòókù á ṣe é gbà gbọ́. Nígbà tí owó bá pọ̀, “kò lè gbé e” kan a máa ṣiṣẹ́ ju “ó máa gbé e” mẹ́wàá lọ.

Ó wá kan owó. Ká fi ₦900 ṣe iye lítà epo kan. Ẹ fi iye tó wà nílé epo tiyín rọ́pò rẹ̀. Lítà mẹ́ta lójúmọ́ jẹ́ ₦2,700. Ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù jẹ́ ₦70,200. Ó ní òun ń ná tó ₦6,800 lórí ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti rípíà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦77,000. Ọmọkùnrin náà yára pín ₦1,400,000 sí i, ó ní, “Oṣù 18, owó yín ti padà!”

Mo ní kó rọra. Nínú oṣù keje sí ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí kùrukùru sì bo ojú ọ̀run, oòrùn tó dára lè má ju wákàtí mẹ́ta lọ. Pánẹ́ẹ̀lì kan náà á já sí nǹkan bíi 1,350, ìyá sì ń lo 1,500. Ó ṣì máa ra epo díẹ̀, ó sì máa ra èédú fún áyọ́ọ̀nù. Ká fi ₦10,000 sí i lóṣù. Ohun tó ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ ₦67,000, owó náà sì máa padà ní nǹkan bí oṣù 21. Oṣù mẹ́ta ló fi yàtọ̀. Ó dà bí ẹni pé a bu iyì ọjà kù, ṣùgbọ́n oṣù 21 ni ìyá lè gbé lọ sílé láìbẹ̀rù. Bí bàbá bá béèrè pé, “Ìgbà òjò ńkọ́?” ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bátìrì ló wá gbé gbogbo ìṣirò yìí ró. Bí ó bá jẹ́ lìtíọ́ọ̀mù gidi, ó yẹ kó lo ọdún púpọ̀ ju oṣù 21 lọ. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tí wọ́n ń lò gbẹ lójoojúmọ́, ó lè kú láàárín bí ọdún méjì. Bí ó bá kú lóṣù 24, èrè oṣù mẹ́ta péré ni ìyá jẹ kó tó tún ra òmíràn. Olùtajà tó sọ oṣù tí owó máa padà, tí kò sọ ọdún tí bátìrì máa lò, kò tíì ṣe ìṣirò kankan, ó kàn fi nọ́ńbà ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Èyí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì burú ju àwòrán ìdílé lọ, nítorí ó wọ aṣọ òtítọ́.

Mo ti ń dárúkọ bàbá ilé láti ìgbà yìí. Ọjà tó wọ́n kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó dúró níwájú yín nìkan. Ẹlòmíràn wà nílé tí kò gbọ́ ìtàn Iléyá náà, tí kò sì rí i bí ohùn ìyá ṣe yí padà. Ọ̀rọ̀ ọkàn kì í dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Bí ìyá bá fẹ́ tún un sọ, ó máa dà bí ìráhùn. Ìṣirò ló ṣeé gbé rìn. Nítorí náà, a kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo lédè Yorùbá, pẹ̀lú gbólóhùn “kò gbé áyọ́ọ̀nù” lórí rẹ̀ gàdàgbà. A sì kọ iye tó máa jẹ́ bí ó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, lápapọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlọrin la wà: ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò ní fẹ́ gbọ́ èlé. Bí ẹ bá fi owó kún un fún ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ dárúkọ iye kan tí kò ní yí padà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kó má lọ dà bí èlé tí ẹ fi pamọ́.

Ẹ̀rù ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, torí àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Òótọ́ ni pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pani. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó wà nínú rẹ̀ kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa ìdílé kan sójú oorun. Ṣùgbọ́n Kim Witte kọ ọ́ lọ́dún 1992 pé bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn tí kò sì rí ohun tó lè ṣe sí i, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń sá fún, kì í ṣe ewu náà. Bí ẹ bá sọ fún ẹni tí kò ní mílíọ̀nù kan pé jẹnẹrétọ̀ máa pa ọmọ rẹ̀, tí sólà sì ni oògùn kan ṣoṣo, ó máa dí etí. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó lè ṣe lálẹ́ òní láìná kọ́bọ̀: kó gbé jẹnẹrétọ̀ jáde síta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, kó má ṣe gbé e sí báálíkónì tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láéláé. Bí ó bá padà wá ra sólà, ó dára. Bí kò bá rà á, ẹ̀mí wà.

Ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ náà lè lo ọ̀nà kan náà, àyàfi pé ẹ̀rí tirẹ̀ yàtọ̀. Oníbàárà máa béèrè bóyá kọ́pà ni wáyà inú rẹ̀, ó sì máa wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn sábà máa ń jẹ́ òkè agbára tó lè gbé fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe èyí tó lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi èyí tó kéré hàn án kó tó bi yín. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018, èyí tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀, kò fàyè gba kí ọlọ́jà fi ọ̀rọ̀ tan oníbàárà nípa ohun tí ọjà lè ṣe.

Ìyá aránṣọ rà á ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bàbá ló pe ọmọkùnrin náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì béèrè: bátìrì. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé tí òjò sì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, mo ní kó pe ìyá kí ìyá tó pè é. Ó sọ fún un pé, “Ìyá, ojú ọjọ́ ti ṣú. Ẹ pa fáànù lọ́sàn-án, kí ẹ̀rọ lè dé alẹ́.” Ìyá ní òun ti pa á láti àná, pé ó wà nínú ìwé.